Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Nàìjíríà

Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni ẹjọ́ tí ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn gbé lọ sí kóòtù tó ga ju èyí tó dá a lọ. Àwọn adájọ́ òkè, tí kì í dín ní mẹ́ta ní Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, kì í pe ẹlẹ́rìí láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń wá ibi tí adájọ́ ti ṣìnà. Ẹ̀rí tuntun kì í sábà wọlé, àfi èyí tí ẹni tó mú un wá kò lè rí nígbà ẹjọ́ àkọ́kọ́ bó ti wù kó wá a tó.

Ìdí tí a lè fi pẹjọ́

Pé ìdájọ́ dun ènìyàn kì í ṣe ìdí. Ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí àṣìṣe kan nínú ìdájọ́ náà: bóyá adájọ́ ṣi òfin túmọ̀, bóyá ó gba ẹ̀rí tí òfin kọ̀, tàbí ohun tó sọ pé ó ṣẹlẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹlẹ́rìí kankan. Nínú ẹjọ́ àárín ẹni méjì, bí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí gbèsè, a tún lè sọ pé ìdájọ́ kò bá ìwúwo ẹ̀rí mu. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ní kóòtù ìsàlẹ̀ gba àyè kóòtù kí a tó mú un jáde lókè, àyàfi bó bá jẹ́ pé kóòtù yẹn kò láṣẹ lórí ẹjọ́ náà rárá.

Abala 241 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 gbà kí a pẹjọ́ láìtọrọ àyè lórí ìdájọ́ ìkẹyìn tí Ilé-ẹjọ́ Gíga fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Bó bá jẹ́ àṣẹ tí adájọ́ pa láàárín ẹjọ́ ni, ọ̀rọ̀ òfin nìkan ni a sábà lè gbé lọ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, a sábà ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fagi lé ẹjọ́ náà.

Gbèdéke ọjọ́

Abala 24 òfin Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fúnni ní ọjọ́ 14 lórí àṣẹ àárín ẹjọ́, oṣù 3 lórí ìdájọ́ ìkẹyìn, àti ọjọ́ 90 fún ẹjọ́ ọ̀daràn. Ká ní wọ́n dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù keje. A kì í ka ọjọ́ ìdájọ́ gan-an. Oṣù mẹ́ta pé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 ti pé ní ọjọ́ 3. Ẹni tó rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì lè fi ọjọ́ méjì pàdánù ẹjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Ẹni tó bá pẹ́ lè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ìbúra ṣàlàyé ohun tó fà á tó fi pẹ́, kí ìdí ẹjọ́ rẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan láìsí èkejì kò tó. Ní ti ẹjọ́ ìdìbò, abala 285 òfin ìpìlẹ̀ dè é pé ọjọ́ 60 ni kóòtù òkè fi máa parí rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Títún ẹjọ́ gbọ́

Kóòtù òkè lè fọwọ́ sí ìdájọ́, ó lè yí i padà, ó sì lè ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ lọ́dọ̀ adájọ́ mìíràn. Ti ìkẹyìn yìí ni pípe ẹlẹ́rìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Abodundu ní 1959 ni àwọn adájọ́ ti ń wò ó bóyá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lágbára, àti bóyá kò ní jẹ́ ìnilára fún olùjẹ́jọ́ láti tún jẹ́jọ́.

Ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà Ábíá tẹ́lẹ̀, àti Jones Udeogu tí wọ́n jọ jẹ́jọ́, fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àti títún ẹjọ́ gbọ́ hàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 2019, adájọ́ Mohammed Idris dá wọn lẹ́bi lórí owó ìpínlẹ̀ Ábíá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé Idris ga sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní 2018. Ìwé àyè ló fi padà wá parí ẹjọ́ náà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Udeogu ti tako èyí kó tó di pé ìdájọ́ jáde, ó sì gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 2020, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní Idris kò láṣẹ mọ́, wọ́n fagi lé ìdájọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ẹjọ́ Udeogu gbọ́. Wọn kò sọ pé Udeogu jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

Kalu kọ́ ló gbé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yẹn lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un pè lẹ́jọ́, adájọ́ Inyang Ekwo ní Abuja sọ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2021 pé orúkọ Udeogu nìkan ló wà nínú àṣẹ náà, kò sì sí ẹni tó lè fi kún un.