Àmì Kan, Ìyà Méjì: Bí A Ṣe Ń Ka Káàdì Ìdàgbàsókè Ọmọdé ní Kétu

Ní àwọn ọdún tó kángun sí 1960 ni Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, gbé káàdì kan kalẹ̀ fún àwọn abiyamọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ilẹ̀ àwọn ọmọ Obòkun, pé kí ìyá fúnra rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀ sílé, kí ó sì máa mú un bọ̀ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ wọn ọmọ. Oṣù ọjọ́ orí wà ní ìsàlẹ̀ káàdì náà, kílò wà ní ẹ̀gbẹ́. Nọ́ọ̀sì a sàmì sí ibi tí méjèèjì ti pàdé, a sì fa ìlà láti àmì àná wá bá ti òní. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ayé, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ sì ni èyí tí àwọn ìyá ń tẹ́ sórí tábìlì ní ilé ìlera Kétu lónìí. Ṣùgbọ́n àmì kílò nìkan kò lè sọ irú ìyà tí ń jẹ ọmọ.

Ìka kò dọ́gba. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, nígbà tí ó gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde ní ọdún 2006 láti ara àwọn ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Gánà wà lára wọn, kò fi iye kan ṣoṣo lélẹ̀ pé òun ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó fi àárín lélẹ̀, ó sì fi bí àwọn ọmọ tí ara wọn le ṣe ń yàtọ̀ sí àárín náà hàn. Ìyapa ni a ó máa pe èyí. Iye ìyapa tí ọmọ fi jìnnà sí àárín ni Z. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ ju −2, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí ó bá kọjá −3 sísàlẹ̀, ó ti le. Ọmọ tí kílò rẹ̀ kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀ ni a ń pè ní ọmọ tó fúyẹ́. Èyí tí gígùn rẹ̀ kéré sí ọjọ́ orí ni ọmọ tó ràn. Èyí tí kílò rẹ̀ kéré sí gígùn ara rẹ̀ ni ọmọ tó rù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọkùnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ, kí á sọ pé inú ọjà Máìlì 12 ni ìyá àwọn méjèèjì ti ń tajà. Oṣù méjìdínlógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kílò 8.5 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n. Àárín kílò fún ọjọ́ orí wọn jẹ́ 10.9, ìlà −2 sì wà ní 8.8, nítorí náà ojú kan náà ni àmì àwọn méjèèjì bọ́ sí lórí káàdì: wọ́n fúyẹ́. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó fún wọn ní ìmọ̀ràn kan náà, a ó sì ṣi ọ̀kan nínú wọn tọ́jú.

Wàyí o, a tẹ́ wọn sórí pákó, a wọn gígùn wọn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75.0. Àárín fún ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 82.3, ìyapa kan sì tó 2.7:

```
Z = (75.0 − 82.3) ÷ 2.7 = −2.7
```

Ó ràn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gùn tó 75.0 kì í rù àfi bí kílò rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ 8.1, 8.5 ni tirẹ̀, nítorí náà ara rẹ̀ bá gígùn rẹ̀ mu. Ẹnìkejì gùn tó 82.0, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àárín mu, kò ràn rárá. Àmọ́ kílò tí ó yẹ ọmọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 10.8, ìlà −2 wà ní 9.2, ìlà −3 sì wà ní 8.5 gan-an. Ọmọ yìí rù, etí ọ̀gbun ni ó dúró sí. Òun ni ó yẹ kí a yára fi okùn wọn apá rẹ̀, nítorí apá tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 ti wọ inú ewu ńlá, òun náà ni ó yẹ kí a máa pè padà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ti pẹ́ nílẹ̀, bóyá láti inú oyún pàápàá. Kí á máa ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ó lè sanra kò ní mú un gùn. Ohun tí a ó bi ìyá rẹ̀ ni irú ọbẹ̀ tí ọmọ ń jẹ, bóyá ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà ń kan ẹnu rẹ̀, àti bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe ń ṣe é sí.

Gbogbo èyí dúró lórí pákó tí a tẹ́ ọmọ sí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, dídùbúlẹ̀ ni a ń wọ̀n ọ́n, nítorí ọmọ tó dùbúlẹ̀ a máa gùn ju ara rẹ̀ tó dúró lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 0.7. Ẹni méjì ni ó ń ṣe é: ọ̀kan di orí mú mọ́ igi orí pákó, èkejì tẹ orúnkún wálẹ̀ kí ó tó sún igi ẹsẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Irun dídì tó ga lórí a máa fi gígùn èké kún ti ọmọ, ẹsẹ̀ tó ká kò a sì máa gé e kù. Fún ọmọ wa tó ràn, àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo lè yí Z rẹ̀ padà ju ìdá mẹ́ta ìyapa lọ. Bákan náà ni ọjọ́ orí tí ìyá kàn fojú dá, àti káàdì ọmọkùnrin tí a fi ka ti ọmọbìnrin. Bí nọ́ọ̀sì bá rí Z gígùn tó kọjá −6 sísàlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fura sí ìwọ̀n rẹ̀ kí ó tó fura sí ọmọ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ wú, tí ìka rì sí i nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, kò nílò Z kankan: omi ni ó ń fi kún kílò rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó máa lọ lójú ẹsẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọmọ tí Z rẹ̀ wà ní −1 ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìgbà náà, yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ju ọmọ kúkúrú tí ìlà rẹ̀ ń gòkè létòlétò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò ka ti àkọ́kọ́ mọ́ àwọn aláìsàn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa ní Kétu àti Ìkòsí, bí èrò bá tilẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ kílò sílẹ̀ láìkọ gígùn tì í.