Ilé Kẹsàn-án: Oòrùn Ló Ni Ín ni, àbí Júpítà?

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jápa ti sọ ọ́ fún mi kọjá ẹ̀ẹ̀kan: "Prọ̀f, Júpítà mi wà ní ilé kẹsàn-án. Wọ́n ní mo máa kàwé lókè òkun, pé mi ò ní padà." Èmi kì í ṣe awòràwọ̀ o. Èdè ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kó ìtumọ̀ jọ kò lè rí ilé kan ṣoṣo tí Ọlọ́run, ìwé, ọkọ̀ ojú omi àti ilẹ̀ àjèjì jọ ń gbé, kó má béèrè bí wọ́n ṣe pàdé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ilé náà wà. Àwọn awòràwọ̀ pín ojú ọ̀run sí ilé méjìlá. Ilé kìíní wà ní ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn ìràwọ̀ ti ń yọ lásìkò tí wọ́n bí ọmọ. Ilé kẹwàá wà lókè, níbi tí oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò lókè díẹ̀, tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ilé kẹsàn-án ló wọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń lò fún irú ilé bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ibi tó ti yẹ̀ kúrò lórí òpó. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìrìn àjò ti wọlé: ẹni tó kúrò ní ipò rẹ̀, àlejò ni níbi tó bá dé.

Nínú ètò àwọn Gíríìkì yìí, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé tí inú rẹ̀ ti máa ń dùn. Ti Oòrùn ni ilé kẹsàn-án, wọ́n sì ń pè é ní ilé Ọlọ́run. Ti Òṣùpá ni ilé kẹta tó kọjú sí i, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ilé òrìṣà obìnrin. Júpítà ńkọ́? Ilé kọkànlá ni inú tiẹ̀ ti ń dùn, ilé tí wọ́n fún ní orúkọ Ẹ̀mí Rere. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ilé kẹsàn-án nígbà náà, ju pé ó lè gba ibẹ̀ kọjá bí àwọn yòókù.

Ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi ilé yìí hàn mí dáadáa ni Vettius Valens, ọmọ ìlú Ántíókù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó forí lé Íjíbítì láti wá olùkọ́. Ó ráhùn pé owó ni àwọn olùkọ́ tí òun bá níbẹ̀ ń wá. (Ẹ̀yin tó ti san owó ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ òkèèrè, ẹ̀ ń gbọ́?) Ní ọdún 154, òun àti àwọn èèyàn márùn-ún wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn, ó sì padà kó ìràwọ̀ ìbí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ láti wá ìdí ewu náà. Nínú ìwé rẹ̀, ìrìn àjò, àǹfààní láti ọwọ́ àjèjì, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìmọ̀ ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ilé kẹsàn-án. Kò ṣòroó yé: nígbà náà, ẹni tó fẹ́ mọ ohun ìjìnlẹ̀ ní láti rìn dé ilẹ̀ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n wà.

Báwo wá ni Júpítà ṣe débẹ̀? Nípa kíkà ni. Tí a bá ka àwọn àmì méjìlá ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ láti orí Àgbò, Tafàtafà ni ìkẹsàn-án, Júpítà ló sì ni Tafàtafà. Bó ṣe ń pẹ́ ni wọ́n ń fi àmì kẹsàn-án àti ilé kẹsàn-án ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí William Lilly tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1647, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà pa pọ̀ nínú rẹ̀: Júpítà àti Tafàtafà ń bá ilé náà ṣiṣẹ́, inú Oòrùn sì ṣì ń dùn níbẹ̀. Ó to ìrìn àjò orí òkun, àwọn àlùfáà, ìwé àti àlá sínú ilé kan náà. Ní Ọ́sífọ́ọ̀dù àti Kémbíríìjì ìgbà yẹn, àlùfáà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ dà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀kọ́ gíga gbà wọlé.

Nínú ìwé yẹn kan náà, Lilly fi ilé kẹsàn-án dáhùn ìbéèrè kan tó ń da Ìlú Ọba láàmú ní oṣù Kẹta 1647: ṣé ètò ìjọ Presibitéríà, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀, máa dúró? Sátọ̀ń, tí wọ́n kà sí ìràwọ̀ ìnira, wà nínú àmì Akọ Màlúù tó gba ilé kẹsàn-án. Júpítà, tó ń ṣojú ẹ̀sìn lápapọ̀, wà nínú Akàn, ibi tí ọlá rẹ̀ ti ga jù, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, kò sì ní pẹ́ kúrò níbẹ̀. Lilly ní kò ní dúró. Lóòótọ́, nígbà tí ọba padà dé ní 1660 àwọn bíṣọ́ọ̀bù bá a padà, nígbà tó sì máa fi di 1662, nǹkan bí 2,000 àlùfáà ti pàdánù iṣẹ́ wọn. Àwọn tó fẹ́ràn Lilly máa ń fi èyí yangàn. Wọn kì í sábà fi kún un pé àwọn àlùfáà Presibitéríà ń bú u nígbà náà, pé kò sì fẹ́ràn wọn. Ẹni tó ti mọ ohun tó ń fẹ́ kó tó wo òkè, òkè á fi hàn án.

Ó yẹ kí àwọn ajápa tún mọ̀ pé ìrìn àjò yàtọ̀ sí kíkó lọ. Ní Íńdíà, tí Júpítà ti ń jẹ́ Gúrù, ìyẹn olùkọ́, ilé kẹsàn-án ni ilé ẹ̀sìn, oríire, bàbá àti olùkọ́. Gbígbé ilẹ̀ òkèèrè, ilé kejìlá ni wọ́n ti ń wò ó. Ojú ọ̀run kan náà, ìdáhùn méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọmọ kan tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní àárín oṣù Kẹrin 1987. Júpítà máa ń lo nǹkan bí ọdún kan nínú àmì kan, inú Àgbò ló sì wà láti oṣù Kẹta 1987 di oṣù Kẹta 1988. Nítorí náà gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ yìí ló ní Júpítà nínú Àgbò. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni aago, torí àmì tó ń yọ ní ìlà-oòrùn máa ń yí padà ní nǹkan bí wákàtí méjì-méjì. Tí wọ́n bá bí i ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, Kìnnìún ló ń yọ. Ẹ kà á láti orí Kìnnìún, Àgbò ni ìkẹsàn-án: Júpítà àti Oòrùn jọ wà nílé Ọlọ́run, awòràwọ̀ á ní kó lọ gba pásípọ́ọ̀tù. Tó bá jẹ́ aago mẹ́rin ààbọ̀, Wúńdíá ló ń yọ, Júpítà náà á bọ́ sí ilé kẹjọ, ilé ikú àti ogún. Tó bá sì jẹ́ aago kan, Akàn ló ń yọ, ó di ilé kẹwàá, ilé iṣẹ́ àti ipò.

Tí ẹ bá bi ìyá ọmọ náà, ìdáhùn tí ẹ sábà máa gbọ́ ni pé wọ́n ti kírun Ọ̀sán, wọn ò tíì kírun Àsárì. Ní Ìbàdàn lóṣù yẹn, láti nǹkan bí aago kan di aago mẹ́rin nìyẹn, ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà láàárín rẹ̀.