Ààlà tó ń rìn: ìtàn òfin méjì tó di ọ̀kan nínú kákúlọ́ọ̀sì

Ní ọdún 1670 ni Isaac Barrow tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lectiones Geometricae. Barrow yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kémbíríìjì ní 1663. Òun náà ló sì gbé àga ọ̀hún sílẹ̀ ní 1669 fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaac Newton. Nínú ìwé náà, ó ya ìlà méjì. Ìlà kìíní ń gòkè sí i títí. Ìlà kejì ló ń ka àyè tó wà lábẹ́ ìlà kìíní: ibikíbi tí ẹ bá dúró sí, gíga ìlà kejì níbẹ̀ ni àpapọ̀ àyè tí a ti kójọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀. Barrow wá fi hàn pé bí ìlà kejì ṣe ń yára gòkè tó ní ojú kan, iye yẹn gan-an ni gíga ìlà kìíní ní ojú náà. James Gregory, ará Skọ́tíláńdì, ti tẹ ohun tó jọ ọ́ jáde ní 1668, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má jà sí ta ló kọ́kọ́ dé.

Òfin ìpìlẹ̀ kákúlọ́ọ̀sì nìyẹn. Báyìí là ń kọ ọ́ lónìí, tí `a` jẹ́ ààlà ìsàlẹ̀, tí `x` sì jẹ́ ààlà òkè:

```
F(x) = ∫[a, x] f(t) dt
F'(x) = f(x)
```

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀. Nínú àwòrán Barrow, etí kan ṣoṣo ló ń rìn. Etí òsì dúró gbọn-in bí òpó, etí ọ̀tún ló ń lọ, ó sì ń lọ ní ìwọ̀n ìrìn `x` fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú nínú yàrá ìdánwò yàtọ̀ sí èyí. Etí méjèèjì ló ń rìn níbẹ̀, kò sì sí èyí tó di dandan kó rìn bí `x` ṣe ń rìn. Ọ̀kan lè máa lọ bíi `x²`, èkejì bíi `3x`. Báwo la ṣe máa mọ bí àyè àárín wọn ṣe ń pọ̀ tàbí dín kù?

Èyí tó ṣẹ́kù ni òfin ẹ̀wọ̀n. Tí ohun kan bá dúró lórí òmíràn, tí òmíràn yẹn náà sì dúró lórí ẹ̀kẹta, ẹ máa sọ ìwọ̀n ìyípadà wọn di púpọ̀ ara wọn. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní kíkọ ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tí Leibniz ará Jámánì kọ ní 1676, àṣìṣe àmì òdì sì wà nínú ìṣirò rẹ̀ níbẹ̀! Mo máa ń rántí èyí tí mo bá rí olùkọ́ tó ń fi pátákó gbá ọmọ lórí nítorí pé ó gbàgbé àmì òdì.

Leibniz yìí kan náà ló fún wa ní àmì ∫. Ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà 1675 ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́tà S tó gùn ni, fún àpapọ̀. Àmọ́ kò kọ nǹkan kan sí orí àmì yẹn, kò sì kọ nǹkan kan sí ìdí rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ní ogójì kí Joseph Fourier, ará Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ààlà sí òkè àti ìsàlẹ̀ ∫, àṣà tí ìwé rẹ̀ lórí ooru, tó jáde ní 1822, wá gbé kiri ayé. Lójú tèmi, ohun kékeré yìí ló mú kí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ṣeé rí lójú. Bí o kò bá ní ibi tí wàá kọ ààlà sí, báwo ni wàá ṣe rí i pé ààlà náà fúnra rẹ̀ ń rìn? Ní 1823, Cauchy gba àmì Fourier, ó sì fi ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin ti òfin ìpìlẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Tí etí ọ̀tún bá sún síwájú díẹ̀, ìwọ̀n `h`, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kún un. Àyè ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn jẹ́ `h` lọ́nà gíga ìlà ní ojú kan nínú rẹ̀. Ẹ pín in sí `h`, kí ẹ jẹ́ kí `h` kéré títí, gíga ìlà ní etí nìkan ló máa kù, bí ìlà náà kò bá já lójijì níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́ mọ ọ̀sà àti àwọn apẹja ibẹ̀. Ká fojú inú wo àwọ̀n gígùn kan tí wọ́n ń wọ́ lọ létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, gbogbo ẹja tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì la kà sí tiwa. Ká gbà pé ẹja ò sá o, ibi tó wà ló dúró sí. (Apẹja á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fún mi láyè.) Ọkọ̀ iwájú ń rin mítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ibi tó wà sì ní ẹja 4 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ẹ̀yìn ń rin mítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ibi tí òun wà ní ẹja 5 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹja wa ń pọ̀ ni àbí ó ń dín kù?

Ẹni tó bá wo ẹja nìkan á ní 4 ló wọlé, 5 ló jáde, a ti ń pàdánù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níwájú, 4 lọ́nà 3, ẹja 12 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn, 5 lọ́nà 2, ẹja 10 ló ń bọ́ sílẹ̀. Méjì la fi ń jèrè. Gíga ìlà ní etí kọ̀ọ̀kan wá láti ọwọ́ òfin ìpìlẹ̀. Ìyára etí náà wá láti ọwọ́ òfin ẹ̀wọ̀n. Àmì òdì wà níbẹ̀ nítorí pé etí ẹ̀yìn ń yọ kúrò, kì í kún un. Gbogbo rẹ̀ nìyí:

```
F(x)  = ∫[u(x), v(x)] f(t) dt
F'(x) = f(v)·v'(x) − f(u)·u'(x)
```

Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé Ìkòròdú nítorí ẹ̀kọ́, gba ọ̀nà Ìtóìkín wá bá mi pẹ̀lú ìwé ìdánwò rẹ̀. N ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Máàkì 43 ló ní, 45 sì ni wọ́n fi ń pásì. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní máàkì 10 tí wọ́n fún un ní 3:

```
F(x) = ∫[x, x²] e^(−t²) dt
```

Ìbéèrè dáadáa ni, torí pé ọ̀nà ẹ̀yìn ò sí. Láti àwọn ọdún 1830, iṣẹ́ Joseph Liouville ti jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí fọ́ńṣọ̀n lásán kan tí a lè kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí íńtẹ́gírà e^(−t²). Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ rí íńtẹ́gírà náà kó tó wá dífẹ́réńṣíéètì rẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè mọ bó ṣe ń yí padà láìmọ òun fúnra rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí:

```
F'(x) = 2x·e^(−x⁴) − e^(−x²)
```

Ìdáhùn tí olùmáàkì ní lọ́wọ́ kò ní `2x` yẹn. “Bàbá, wọ́n ní mo fi nǹkan kún un,” ni ó wí. Mo ní kó má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí òfin, kó kàn fi 1 sí ipò `x`.

Tí `x` bá jẹ́ 1, ààlà méjèèjì jẹ́ 1, àyè àárín wọn jẹ́ òdo. Ìdáhùn olùmáàkì sọ pé ìwọ̀n ìyípadà níbẹ̀ náà jẹ́ òdo, e^(−1) yọ e^(−1). Ìdáhùn ọmọ náà sọ pé ó jẹ́ e^(−1), ìyẹn nǹkan bíi 0.368. Ẹ wá sún `x` sí 1.01. Ààlà ìsàlẹ̀ di 1.01, ààlà òkè di 1.0201. Fífẹ̀ àárín wọn jẹ́ 0.0101, gíga ìlà ní agbede méjì sì tó 0.357. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, àyè náà jẹ́ nǹkan bíi 0.0036. Pín in sí 0.01 tí a sún, ẹ rí 0.36. Tí ẹ bá lo 1.001 dípò 1.01, ẹ máa rí 0.367. Ó ń súnmọ́ 0.368 gẹ́lẹ́, kò sún mọ́ òdo rárá. Ìdí ni pé ní ojú 1, etí òkè ń rìn ní ìlọ́po méjì ìyára etí ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì gbéra láti ojú kan náà, èyí tó yára fi èkejì sílẹ̀, àyè sì là láàárín wọn.

Ojú ìwé kan péré ló kọ ìṣirò yìí sí, ó sì mú un lọ. Wọ́n tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, àti ti àwọn mìíràn tó kọ ohun tó jọ tirẹ̀, ó sì pásì. Ẹni tó bá gbàgbé àmì òdì náà, ọ̀nà kan náà ló máa mú un: àpapọ̀ tirẹ̀ ní ojú 1 á jẹ́ nǹkan bíi 1.10, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ.

Òfin yìí ní ibi tó ti ń dópin. Bí ìlà bá já ní ojú kan, bí ẹni pé ẹja 4 nínú mítà kan ṣàdédé di 9, tí etí àwọ̀n sì wà ní ojú yẹn gan-an, kò sí iye kan ṣoṣo tí a lè pè ní ìwọ̀n ìyípadà. Iye kan wà bí ẹ bá ń lọ síwájú, òmíràn wà bí ẹ bá padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí Cauchy fi ní dandan kí ìlà náà má já.

Ìkejì ni ti ẹja tí mo ní kò sá. Ká ní ó ń sá, tàbí ó ń bí sí i, nígbà tí àwọ̀n ń rìn. A jẹ́ pé `x` kò sí ní ààlà nìkan mọ́, ó ti wọ inú `f`. Ìṣirò etí kò tó mọ́; a gbọ́dọ̀ fi ìyípadà gbogbo àárín kún un. Leibniz àti Johann Bernoulli ló kọ lẹ́tà síra wọn lórí irú rẹ̀ ní 1697. Ẹ wo èyí:

```
F(x) = ∫[0, x] (x − t)·f(t) dt
```

Ọmọ tó bá lo òfin etí nìkan á fi `x` sí ipò `t`, á rí `x − x`, á sì kọ òdo. Lóòótọ́, òdo ni etí mú wá. Ṣùgbọ́n `x` wà nínú àkámọ́ pẹ̀lú, ìwọ̀n ìyípadà `x − t` bí `x` ṣe ń rìn sì jẹ́ 1, nítorí náà inú ni gbogbo ìdáhùn ti wá:

```
F'(x) = ∫[0, x] f(t) dt
```

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí `f(t)` jẹ́ 1. `F(x)` di `x²/2`, ìwọ̀n ìyípadà rẹ̀ sì jẹ́ `x`.