Bí Oúnjẹ Bá Ń Há Sí Ọ̀fun Ọ̀dọ́ Tó Ní Asíímà Tàbí Kàtá: Àlàyé Lórí Àìsàn Ẹósínófílíìkì Ẹsọfajáítìsì

Bí Iléyá bá dé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn ìlú Ìgbómìnà tó kù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹran a máa pọ̀ nílé. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ẹran máa ń há sí ọ̀dọ́ kan lọ́fun. Wọ́n á gbá a lẹ́yìn, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á ní kó gbé òkèlè ńlá kan mì kó lè ti ẹran náà wálẹ̀. Bó bá lọ, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ló ń ṣe é. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn á ní ọgbẹ́ inú ni. Àìsàn kan wà tó máa ń fa irú èyí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ohun tí àìsàn náà jẹ́

Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀pá tó ń gbé oúnjẹ láti ẹnu lọ sí ikùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ọmọ ogun funfun wà tó ń dáàbò bo ara. Ẹósínófíìlì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ló máa ń bá aràn jà, òun náà ló sì máa ń pọ̀ níbi tí ara bá ti kọ ohun kan. Nínú ọ̀fun ẹni tára rẹ̀ dá, kò yẹ kí a rí i.

Nínú àìsàn yìí, ara ti ka oúnjẹ kan sí ọ̀tá. Lọ́pọ̀ ìgbà, wàrà màlúù tàbí àlìkámà ni oúnjẹ náà. Ẹósínófíìlì á ya wọ inú awọ ọ̀fun, awọ náà á sì wú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpá á dì sí inú ọ̀fun, á le, á sì máa fún. Àìsàn náà kì í ràn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

Kò tíì pẹ́ tí àwọn dókítà yà á sọ́tọ̀. Ní ọdún 1993, Stephen Attwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àgbàlagbà 12 tí oúnjẹ ń há sí lọ́fun, tí ẹósínófíìlì sì kún inú ọ̀fun wọn, láìjẹ́ pé omi kíkan inú ikùn ló fà á. Títí di ìgbà yẹn, inú ọgbẹ́ omi kíkan ni wọ́n ń ka irú wọn mọ́. Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí i pé àìsàn náà máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò tíì tó ẹni àádọ́ta ọdún jù, àti pé ọkùnrin tó ní i tó ìlọ́po mẹ́ta obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní asíímà, kàtá tí kì í tán, tàbí ara tó máa ń yún wọn láti kékeré.

Bí àìsàn náà ṣe ń fara pamọ́

Ohun tó mú kí àìsàn yìí pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n ni pé ẹni tó ní i máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Á máa gé ẹran wẹ́wẹ́. Á máa jẹ ẹ́ lẹ́nu títí. Á máa fi omi ti gbogbo ohun tó bá gbé mì. Òun ló máa ń jẹun kẹ́yìn nínú agbo. Á máa sá fún súyà, búrẹ́dì gbígbẹ àti iṣu sísè tí kò ní ọbẹ̀, kò sì ní fẹ́ gbé oògùn oníhóró mì.

Oúnjẹ tiwa gan-an lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀. Àmàlà tàbí iyán tó rọ̀, tí a fi ilá tàbí ewédú bọ̀, máa ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ òkèlè lójoojúmọ́ lè máa rò pé kò sí ohun tó ṣe òun, títí di ọjọ́ tó bá jẹ ẹran yíyan níbi ìnáwó.

Fífara pamọ́ yìí ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ní orílẹ̀-èdè Swítsálandì, àwọn onímọ̀ yẹ ìwé àyẹ̀wò aláìsàn 200 wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Nínú àwọn tí wọ́n mọ àìsàn wọn láàárín ọdún méjì tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 17 nínú 100 ni ọ̀fun wọn ti fún. Nínú àwọn tó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti di nǹkan bí 71 nínú 100.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 24 kan wà ní Ìlá. Ó ní asíímà ní kékeré, ó sì máa ń sín ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Láti ọdún márùn-ún, búrẹ́dì àti ẹran máa ń dúró sí i láyà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó lọ. Omi àti ẹ̀kọ mímu kì í dá a láàmú. Kò rù. Ó ti lo oògùn ọgbẹ́ inú lọ́nà tó wù ú, ọjọ́ mẹ́ta níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún.

Ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí ló tọ́ka sí àìsàn tí à ń sọ. Ìkíní, oúnjẹ líle nìkan ló ń há. Bí omi àti oúnjẹ líle bá jọ ń há láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ pé iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni kì í ṣí. Ìkejì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, láti ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, tó ń le sí i láàárín oṣù díẹ̀, tí ẹni náà sì ń rù, jẹjẹrẹ ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Ìkẹta, àwọn nǹkan tí ara rẹ̀ ń kọ̀ láti kékeré. A ó sì tún bi í bóyá ó gbé omi ọṣẹ líle tàbí kọsíìkì sódà mu rí, torí ìyẹn náà máa ń fi àpá sí ọ̀fun.

Àyẹ̀wò tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló lè fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Dókítà á ki okùn tínínrín tó ní iná àti kámẹ́rà lórí bọ inú ọ̀fun, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹndóskópì. Wọ́n ń ṣe é ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti Yunifásítì Ìlọrin, àti UCH ní Ìbàdàn. Ó lè rí òrùka-òrùka, ilà tó wà lóròó, tàbí ẹ̀fun funfun kéékèèké. Ṣùgbọ́n ọ̀fun àwọn mìíràn á dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi gbọ́dọ̀ gé ẹran ara bíńtín, ó kéré tán mẹ́fà, láti òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, nítorí àìsàn náà kì í tẹ́ káàkiri bákan náà. Kì í dunni. Wọ́n á wò ó lábẹ́ maikroskópù. Bí ẹósínófíìlì bá tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojú kan tí ẹ̀rọ náà mú tóbi, tí kò sì sí ohun mìíràn tó fà á, a ti rí àìsàn náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí. Bí dókítà bá wò ó, tó ní kò sí ọgbẹ́, tí kò sì gé nǹkan kan, a kò tíì yẹ àìsàn yìí wò. Ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ gé ẹran láti inú ọ̀fun?” Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè rọ́pò èyí, nítorí aràn lásán lè mú kí ẹósínófíìlì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò àlẹ́jì tí wọ́n ń ṣe lára awọ náà kì í sọ ní pàtó oúnjẹ tó ń dá ọ̀fun láàmú.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni oògùn omi kíkan bíi omẹpurasóòlù, tí wọ́n sábà máa ń lò ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá láìdá a dúró. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ tó ìdajì.

Èkejì ni oògùn asíímà tí a ń fín sẹ́nu, bíi fulutikasóònù. Nínú àìsàn yìí, a kò ní fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. A ó fín in sẹ́nu, a ó sì gbé e mì, kó lè bo ọ̀fun. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí jíjẹ tàbí mímu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń fà á símú fún asíímà kò tíì tọ́jú ọ̀fun rẹ̀. Èfun lè hù sẹ́nu, torí náà kí ó yọ ẹnu rẹ̀ dànù. Nínú Ramadan, ó lè lò ó lẹ́yìn sààrì kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó wọlé, kó sì tún lò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn. Ẹni tí dókítà bá ní kó má gbààwẹ̀ lásìkò ìtọ́jú ní ìyọ̀ǹda ẹ̀sìn láti san án padà.

Ẹ̀kẹta ni yíyẹra fún oúnjẹ. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2023 ní Amẹ́ríkà mú àgbàlagbà 129: apá kan yẹra fún wàrà màlúù nìkan, apá kejì yẹra fún wàrà, àlìkámà, ẹyin, sóyà, ẹ̀pà àti irú rẹ̀, àti ẹja pẹ̀lú edé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 34 nínú 100 ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní apá kìíní, 40 nínú 100 ní apá kejì. Nítorí náà, wàrà nìkan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ni mílíìkì inú tíì, wàràkàṣì, yúgọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì tó ní mílíìkì. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà àti ẹ̀kọ kò ní wàrà nínú.

Èyíkéyìí tí a bá lò, a gbọ́dọ̀ tún ki okùn wo ọ̀fun lẹ́yìn rẹ̀, torí oúnjẹ lè máa lọ dáadáa kí wíwú náà sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀fun bá ti fún, dókítà lè rọra fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n fífẹ̀ kò pa àìsàn náà.

Bí oúnjẹ bá há lálẹ́ ọjọ́ kan

Bí ẹni náà kò bá lè mí tàbí sọ̀rọ̀, ọ̀nà èémí ló dí: ẹ gbá a láàárín èjìká, kí ẹ sì fún ikùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá ń mí, tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ tí itọ́ kò lọ mọ́ tó ń dà jáde, ọ̀nà ọ̀fun ló dí pátápátá. Kí ó jókòó, kí ó máa tu itọ́ dànù, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní ẹndóskópì, kí wákàtí mẹ́fà má tó kọjá. Bí itọ́ bá ń lọ ṣùgbọ́n tí oúnjẹ kò kúrò, kí ó má kọjá ọjọ́ kan.

Ẹ má fi òkèlè tì í. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má fún un ní oje ìbẹ́pẹ tàbí ohun tí a fi ń mú ẹran rọ̀, torí ó lè jẹ ara ọ̀fun pẹ̀lú. Bí àyà rẹ̀ bá ń dùn ún gidigidi, tí ọrùn rẹ̀ wú tàbí tí ibà dé, ọ̀fun lè ti ya nìyẹn, ewu ńlá sì ni. Bí wọ́n bá sì ti yọ ẹran náà, ẹ má lọ sílé láìbéèrè pé kí wọ́n gé ẹran ọ̀fun fún àyẹ̀wò ní ìjókòó yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lọ báyìí kì í padà wá mọ́ títí ẹran mìíràn á fi há.