Wíwọn ìtẹ́lọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́

Wíwọn ìtẹ́lọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀nà tí olùwádìí ń gbà sọ ohun tó wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ di nọ́ńbà tó ṣeé fi wéra. Ìwé ìbéèrè tí Paul Spector gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985 gbajúmọ̀ fún un. Ó pín ìtẹ́lọ́rùn sí ẹ̀ka 9, bí owó oṣù, ìgbéga àti ọ̀gá. Gbólóhùn 4 ló wà fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ á yan láti 1 (n kò gbà rárá) dé 6 (mo gbà pátápátá).

Ibi tó yẹ ká ṣọ́ra jù ni àwọn gbólóhùn tó jẹ́ àròyé, nítorí a gbọ́dọ̀ yọ ìdáhùn wọn kúrò nínú 7. Ká ní òṣìṣẹ́ kan dáhùn 5, 2, 2 àti 4 lórí owó oṣù, tí méjì àárín sì jẹ́ àròyé, 2 kọ̀ọ̀kan á di 5, àpapọ̀ á jẹ́ 19 nínú 24: owó náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí a bá gbàgbé, 13 la ó rí, a ó sì rò pé ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ohun tó ń tú àṣìṣe yìí fó ni pé ìdáhùn inú ẹ̀ka kan náà á máa ta ko ara wọn.