Ilà Làákàyè: Ìtàn Ilà Tí Ó Gún àti Ilà Tí Ó Sọ̀kalẹ̀ Nínú Àtẹ́lẹwọ́

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ni a bá ilà, a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kò kan ẹni tí ó kọ ilà náà; àwọn tí wọ́n ní àwọn lè kà á ni ó kàn. Ọ̀kan wà nínú àwọn ilà ọwọ́ tí àwọn awolà ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé ó ń fi bí ènìyàn ṣe ń ronú hàn. Bí ilà yìí bá gún, wọ́n ní ẹni tí ó ni ín ń fẹ́ ohun tí ó ṣeé fojú rí, tí ó sì ṣeé kà. Bí ó bá dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ń fà sí orin, ọnà àti ìtàn. Níbo ni wọ́n ti rí ìtumọ̀ méjèèjì yìí? Èrò mi ni pé kì í ṣe ara ènìyàn ni wọ́n ti rí i. Ara àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni wọ́n ti kà á jáde.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ilà tí à ń sọ. Bí a bá la àtẹ́lẹwọ́, a ó rí ilà ńlá mẹ́ta. Èkíní yí ìdí àtàǹpàkò ká; òun ni wọ́n ń pè ní ilà ẹ̀mí. Èyí tí ó súnmọ́ àwọn ìka jùlọ ni ilà ọkàn. Láàárín méjèèjì ni ẹ̀kẹta wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, tí ó sì dábùú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ìhà ọmọńdinrín. Orí ni àwọn awolà fi sọ orúkọ èyí. Ṣùgbọ́n ní èdè Yorùbá, ohun tí ènìyàn yàn láti ọ̀run ni orí, a kì í sì í wò ó nínú ilà ọwọ́: ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni babaláwo fi ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ilà làákàyè ni èmi yóò máa pè é.

Ní ọdún 1522, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Johannes ab Indagine tẹ ìwé kan jáde tí ó so wíwo ọwọ́ pọ̀ mọ́ wíwo ìràwọ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, gbogbo ibi tí ẹran ti wú ní àtẹ́lẹwọ́ ni a fún ní olúwa láti ojú ọ̀run. Nínú ètò tí ó wá fìdí múlẹ̀, abẹ́ ìka ìlábẹ̀ jẹ́ ti Júpítà, ìdí àtàǹpàkò jẹ́ ti Fẹ́núsì. Ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ ọmọńdinrín, Máàsì ni ó ni apá òkè, Òṣùpá sì ni ó ni apá ìsàlẹ̀ tí ó súnmọ́ ọrùn-ọwọ́. Máàsì ni ọlọ́run ogun àwọn ará Róòmù, ó sì dúró fún ìgboyà àti ìforítì. Òṣùpá tí ń wọ̀ókùn tí ó sì ń lé dúró fún àlá, ìyípadà ọkàn, àti wèrè pàápàá.

Ní báyìí, ẹ wo ibi tí ilà làákàyè lè parí sí. Bí ó bá gún, ẹsẹ̀ Máàsì ni yóò dé. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ Òṣùpá ni yóò wọ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì ti pé kí awolà tó rí ẹyọ ènìyàn kan. Ìtumọ̀ yìí náà ni a bá lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n sọ ọ́ di gbajúmọ̀: Desbarrolles ní Faransé ní 1859, Cheiro tí wọ́n bí ní Ayaláǹdì nínú ìwé rẹ̀ ti 1894, àti Benham ará Amẹ́ríkà ní 1900. Cheiro tilẹ̀ kọ ọ́ pé bí ilà náà bá sọ̀kalẹ̀ jù, ẹni náà lè fẹ́ láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lágbára gan-an ni èyí láti sọ sí ènìyàn létí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọwọ́ kan fún àpẹẹrẹ. Ilà làákàyè rẹ̀ gún títí dé abẹ́ ìka àárín. Láti ibẹ̀ ó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì parí sí etí ilẹ̀ Òṣùpá, níbi tí ó ti ya ẹ̀ka méjì. Gẹ́gẹ́ bí òfin Cheiro, ìdajì tí ó gún jẹ́ ti làákàyè, ìdajì tí ó tẹ̀ jẹ́ ti àlá, ẹ̀ka méjì náà sì jẹ́ àmì òǹkọ̀wé. Ká ní oníṣirò owó tí kì í ka ìtàn àròsọ ni ó ni ọwọ́ náà ńkọ́? Awolà yóò ní ìdajì tí ó gún ni ó borí. Bí èyí kò bá tó, yóò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní igun mẹ́rin, èyí tí ń fa ènìyàn sí iṣẹ́ gidi. Bí èyí náà kò bá tó, yóò wo ọwọ́ kejì, nítorí wọ́n gbà pé ohun tí a bí mọ́ ni ni ọwọ́ òsì ń sọ, ohun tí a fi ara wa ṣe ni ọwọ́ ọ̀tún ń sọ. Àlàyé kọ̀ọ̀kan dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí irú ènìyàn tí ó lè ni ọwọ́ yìí kí òfin náà má bá a mu. Òfin tí kò sí ohun tí ó lè já a kò sọ ohunkóhun fún wa.

Kí ni ilà náà jẹ́ gan-an? Francis Galton, nínú ìwé rẹ̀ ti 1892 lórí ìtẹ̀ka, fi ilà ọwọ́ wé ibi tí aṣọ àtijọ́ ti ká. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà: ibi tí awọ ti ń ká nígbà tí a bá pa ọwọ́ dé ni. Ṣùgbọ́n aṣọ ní láti pẹ́ lára kí ó tó ká, ilà ọwọ́ kò sì dúró de iṣẹ́. Nínú oyún ọ̀sẹ̀ bí méje sí mẹ́jọ ni ilà ìdí àtàǹpàkò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́rin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀. A bá ilà ní àtẹ́lẹwọ́ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí.

Àwọn oníṣègùn náà ń wo ilà yìí, ọ̀nà wọn sì yàtọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣègùn ní Sídínì, ní Ọsirélíà, ṣàkíyèsí ilà làákàyè tí ó gún tí ó sì la àtẹ́lẹwọ́ já dé etí, lára àwọn ọmọ kan tí àrùn rùbẹ́là ti mú ìyá wọn nínú oyún. Wọn kò bi Máàsì. Iye ọmọ tí ó ní in ni wọ́n kà, wọ́n sì fi wé ti àwọn ọmọ mìíràn. Irú ilà bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ara wọn le pẹ̀lú, nítorí náà kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ awolà wò, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà. Yóò fi yíǹkì tẹ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sórí ìwé, gbogbo wọn ní ipò kan náà, nítorí pé bí àtàǹpàkò bá ti sún wọlé ni ìrísí ilà ń yí padà. Yóò pinnu ṣáájú ibi tí ilà tí ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ parí sí, kí ó má baà yan èyí tí ó wù ú. Ẹlòmíràn tí kò rí ọwọ́ náà ni yóò sì wádìí bí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ṣe ń ronú.

Benham kò dúró de irú ìdánwò yìí kí ó tó tẹ ìwé jáde ní 1932 lórí bí a ṣe lè fi ọwọ́ yan iṣẹ́ fún ènìyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ilà rẹ̀ kò bá ìṣirò mu lè kọ ìṣirò sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé Òṣùpá tí ẹnìkan yà sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ láyé àtijọ́ ni ó lé e kúrò níbẹ̀.