Àtúnṣe Ìtumọ̀ Ẹ̀rọ nínú Lẹ́tà Ìṣòwò ní Àbíjàn: Iye, Ọ̀rọ̀ Atannijẹ àti Ohùn Ọ̀wọ̀

Èdè Faransé ni èdè ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ní Àbíjàn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà tí oníṣòwò ìlú náà ń kọ ímeèlì sí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Àkrá tàbí ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà. Láti ọdún 2016 tí Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ ògbufọ̀ tó ń kọ́ èdè fúnra rẹ̀ láti inú àìmọye gbólóhùn, ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ jáde ti ń já gaara débi pé àṣìṣe inú rẹ̀ kì í tètè hàn sí ẹni tó bá ń kà á lọ lásán. Àtúnṣe ìtumọ̀ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ ẹni tó ń fi ìtumọ̀ náà wé ìwé àkọ́kọ́, gbólóhùn sí gbólóhùn, kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ìlànà àgbáyé ISO 18587, tó jáde ní 2017, dá lórí iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ atúnṣe a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹwà gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ iye ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé iye tó ṣì kì í ba gbólóhùn jẹ́.

Ohun tó sábà ń fa àṣìṣe iye ni pé àwọn Faransé ń fi kọ́mà ya odidi nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá rẹ̀, wọ́n sì ń fi àlàfo tàbí àmì ìdánudúró ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń lo kọ́mà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí a bá mú àpẹẹrẹ olùtajà kòkó kan tó kọ ọ́ sí oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń fi “192 sacs de 65 kg, soit 12,480 tonnes” ránṣẹ́, tọ́ọ̀nù 12 àti kílò 480 ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá gbé nọ́ńbà náà kalẹ̀ bó ṣe rí, tọ́ọ̀nù ẹgbàá mẹ́fà ó lé ọgọ́rin-lé-nírinwó ni oníbàárà yóò kà. Ìṣirò ni atúnṣe fi ń mú un: àpò 192 ní ọ̀nà kílò 65 jẹ́ kílò 12,480, a jẹ́ pé tọ́ọ̀nù méjìlá àti díẹ̀ ni. Bí lẹ́tà kan náà bá sọ pé owó ìkẹ́rù jẹ́ “1.250.000 F CFA, soit 1 905,61 euros”, atúnṣe yóò pín 1,250,000 sí 655.957, èyí tí í ṣe iye fáránkì sẹ́ẹ̀fà tí a so mọ́ yúrò kan láti ọdún 1999, yóò sì rí 1,905.61. Bí ìtumọ̀ bá gbé 190,561 kalẹ̀, ìṣirò náà á tú u fó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ “billion” tún ní ewu tirẹ̀, nítorí pé bílíọ̀nù kan ti Gẹ̀ẹ́sì ni “milliard” lédè Faransé, nígbà tí “billion” ti Faransé jẹ́ ẹgbẹ̀rún ìlọ́po rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ atannijẹ ni ọ̀rọ̀ tí ìrísí rẹ̀ jọra nínú èdè méjì ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. “Délai de livraison” ni àkókò tí a ó fi kó ọjà dé, kì í ṣe ìdádúró; bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “delay”, oníbàárà yóò rò pé ọjà òun ti pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá. “Éventuellement” náà túmọ̀ sí “bí ó bá ṣeé ṣe”, nígbà tí “eventually” ti Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé nǹkan yóò ṣẹlẹ̀ níkẹyìn, èyí tó sọ àbá di ìlérí. Ẹ̀rọ òde òní kì í sábà ṣi àwọn wọ̀nyí mọ́ nínú gbólóhùn tó kún. Inú gbólóhùn kúkúrú àti àkọlé ni wọ́n ti ń yọ́ wọlé, pàápàá nígbà tí atúnṣe tí kò gbọ́ Faransé dáadáa bá fúnra rẹ̀ fi wọ́n “tún” ìtumọ̀ tó péye ṣe.

Ohùn ọ̀wọ̀ kì í nira fún Yorùbá láti lóye, nítorí pé “tu” àti “vous” ti Faransé sún mọ́ “ìwọ” àti “ẹ̀yin” wa, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì. Bí èsì oníbàárà bá ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ sí Faransé, ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ gbólóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lè pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní “vous” lókè, kí ó sì pè é ní “tu” nísàlẹ̀. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí atúnṣe wá gbogbo ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ inú lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì mú wọn ṣọ̀kan, lẹ́yìn tí iye ti péye.

Àwọn ohun kan wà tí àtúnṣe kò lè yanjú. “Huit jours” lẹ́nu Faransé sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn, bí Yorùbá ti ń ka ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin sí ọrún. “03/04” sì jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ní Àbíjàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni lójú oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Atúnṣe kò ní àṣẹ láti yan ọ̀kan fún ẹni tó kọ̀wé. Ó ní láti dá lẹ́tà náà padà fún un, kí ó béèrè ọjọ́ gan-an, kí a sì kọ orúkọ oṣù náà pẹ̀lú lẹ́tà dípò nọ́ńbà kí ó tó lọ.